Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ní fáífà: kí lẹ sọ nípa ara yín?

Àkàndé_Ahunrọ̀
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n lọ ṣe fáífà, ìyẹn kí n gbèjà àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni mo wà, Yorùbá náà ni mo sì fi kọ ọ́. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún mi láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti wà létè mi. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn: ṣé orúkọ àti oyè nìkan ni màá dá, àbí kí n sọ ìlú mi àti bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ti là á kọjá, kí lẹ sọ, kí ni wọ́n sì fi dá a padà fún yín?

Àdùkẹ́
Orúkọ, àkòrí, jókòó. Ó parí.

Bàbá Píjì
Àdùkẹ́, orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣe é o.

Àkàndé, alága ni kó o kọ́kọ́ kí, torí òun ló ni ìjókòó náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni olùyẹ̀wò tó ti ìta wá, lẹ́yìn náà aṣojú Píjì Sukúù tó ń rí sí oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n mú láti ẹ̀ka mìíràn nínú ọgbà yín, kó o tó kan alábòójútó rẹ. Lọ bi akọ̀wé ẹ̀ka yín lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ta ni yóò ṣe alága, torí kò dọ́gba: ibòmíràn, olórí ẹ̀ka ni, ibòmíràn, ẹni tí Píjì rán wá ni.

Orúkọ rẹ, bó ṣe wà lára èèpo ìwé gan-an ni kó o pè é. Àkòrí náà ńkọ́? Bí Píjì ṣe fọwọ́ sí i ni kó o kà á, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, láìfi ọ̀kan kún un. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tún àkòrí ṣe nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, tí sláìdì wọn yóò sì ṣì máa gbé ti àtijọ́. Olùyẹ̀wò á ti ṣí ìwé sílẹ̀, á máa fìka tẹ̀ lé ọ bó o ti ń kà á. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ó ti dá ọ dúró nìyẹn, o ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa buwọ́ lù lẹ́yìn ìjókòó, àkòrí yẹn ló wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbójú fò ó.

Oyè kìíní àti oyè kejì ti tó. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè ìwé mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ 100 sí 130 tó o bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, Bàbá. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn obìnrin. Ẹni tó wọlé ní ọmọge, tó wá ṣe ìgbéyàwó ní ọdún kẹta, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú fáìlì Píjì. Tí kò bá tíì kó ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn lọ fún wọn kí wọ́n yí i padà, orúkọ bàbá ni kó pè lọ́jọ́ fáífà, ì báà jẹ́ pé ọkọ jókòó sí ẹ̀yìn. Ìwé ẹ̀rí yóò tẹ̀ lé fáìlì, kì í tẹ̀ lé òrùka.

Àdùkẹ́
"Kì í tẹ̀ lé òrùka." Mo kú o 😂

Ṣẹ́gun Atinúkẹ́
Èmi ní tèmi, mo lẹ fọ́tò mọ́ ọn, mo kọ ọjọ́ orí mi àti iye ọmọ. Wọ́n sì gbà mí wọlé.

Ìyá Ìbejì
Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, fáífà là ń sọ, ẹ̀yin ń sọ fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé. Èyí ni ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ọmọ Olúyọ̀lé
Mi ò gba ti kí alága ṣáájú. Àlejò là ń kọ́kọ́ kí nílé Yorùbá. Ẹni tó wọ mọ́tò láti ìlú mìíràn wá ka ìwé rẹ, òun ni kó ṣáájú. Ohun kejì, ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó lanu. Máàkì wà fún un.

Bàbá Píjì
Kò sí máàkì ìdọ̀bálẹ̀ kankan. Fáífà ọ̀mọ̀wé kì í sábà jẹ́ ìdánwò oní-máàkì: wọ́n á ní iṣẹ́ náà yege, tàbí kí ó lọ ṣàtúnṣe kékeré tàbí ńlá, tàbí kí wọ́n dá a padà. Ìdọ̀bálẹ̀ dára, àmọ́ ṣe é ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó pè ọ́ síwájú. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́yìn tó ti mú gbohùngbohùn lọ́wọ́, ìró ilẹ̀ ni gbogbo yàrá máa gbọ́.

Ti àlejò, òótọ́ wà nínú rẹ̀ fún òde ìnáwó. Ṣùgbọ́n alága ló ń fún èèyàn láàyè láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó fún ọ láàyè lo máa dá lóhùn.

Ọmọ Olúyọ̀lé
Ẹ̀ka tiwa, àlejò ló ń ṣáájú. Kò sì sẹ́ni tó bínú.

Tọ́lá_Lóńdọ̀nù
Àríyànjiyàn yín dùn mọ́ mi. Níbí, kò sí ìfara-ẹni-hàn kankan lọ́pọ̀ ìgbà. Olùyẹ̀wò méjì, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta, ilẹ̀kùn pa. Ibòmíràn, alága á jókòó tí kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n mọ orúkọ rẹ, wọ́n ti ka ìwé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ṣí i ni pé "sọ fún wa, kí ni iṣẹ́ yìí dá lé?" Ẹni tó bá fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ dá ìyẹn lóhùn ti ṣìnà. Àríyá àti mọ̀lẹ́bí kò sí níbẹ̀.

Abíọ́dún Nẹ́dálándì
Ní tiwa, òfin ló ti bá èèyàn kọ ọ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, oyè ẹni tó bi ọ́ lo máa fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ìṣẹ́jú 45 gééré ni ìbéèrè fi ń wáyé, tí ọ̀pá-ìjọba yunifásítì á wọlé, ẹni tó gbé e á pariwo ní Látìnì pé àkókò ti tó. Kódà tó o bá wà láàrin gbólóhùn, ó tán nìyẹn.

Àdùkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán ẹni tó gbé ọ̀pá yẹn wá sí ẹ̀ka tiwa.

Àyọ̀ká_Lẹ́tà
Ẹ ti kí alága tán, àmọ́ ẹ ò tíì dá Àkàndé lóhùn. Ó bèèrè bóyá kí òun sọ ìlú òun.

Ohunkóhun tó o bá sọ nípa ara rẹ níbẹ̀ ti di ohun tí wọ́n lè fi bi ọ́. Ká ní iṣẹ́ rẹ dá lé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, o wá fi ìdùnnú sọ pé "ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ilé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí." Olùyẹ̀wò á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá kan ìbéèrè, á ní: nínú àwọn tó o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, mélòó ló jẹ́ ẹbí rẹ? Ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó le ni pé: ọ̀rọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ti mọ̀ láti kékeré, ǹjẹ́ o tiẹ̀ bèèrè wọn? Torí ọmọ ilé kì í bèèrè ohun tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá láàrin òfì. Ó ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, á kọ ọ̀kọ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sí nínú ohùn tó gbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o gbé ohùn ibi tí ẹnì kan ti pè é jáde, ọwọ́ rẹ á ṣófo.

Tó o bá ti dá ìyẹn lóhùn nínú orí tó sọ ọgbọ́n ìṣèwádìí rẹ (bí àpẹẹrẹ, o ní kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lọ tún ìbéèrè kan náà bi wọ́n), sọ ìlú rẹ, kó o sì fi gbólóhùn kan tọ́ka sí ibi tí ìdáhùn wà. Tí kò bá sí nínú ìwé, má fẹnu ara rẹ dá ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ọmọ Olúyọ̀lé
Tí wọ́n bá rí orúkọ rẹ, ṣé wọn ò ní mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni?

Àyọ̀ká_Lẹ́tà
Wọ́n lè fura. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wà nínú ìwé ní tòótọ́. Pípa á mọ́ kì í ṣe àtúnṣe, ó kàn ń sún un síwájú ni.

Ìyá Ìbejì
Àyọ̀ká, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Mo ti kọ "ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́" sí sláìdì àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo orí kẹta mi ná, ibi tí ọgbọ́n ìṣèwádìí wà.

Bàbá Píjì
Kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀, ẹ wo bí màá ṣe to ti Ìṣẹ́yìn yẹn:

"Alága ìjókòó yìí, olùyẹ̀wò wa tó ti ìta wá, aṣojú Píjì Sukúù, ẹ̀yin olùkọ́ mi gbogbo, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ìwé kíkà. Orúkọ mi ni Lágbájá Tàmẹ̀dò. Ẹ̀ka yìí ni mo ti gba oyè kìíní àti oyè kejì. Àkòrí àpilẹ̀kọ mi ni 'Ìtúpalẹ̀ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Àwọn Ahunṣọ Òfì ní Ìṣẹ́yìn'. Ọ̀jọ̀gbọ́n Làkásègbè ló bójú tó o. Ọmọ ilé ahunṣọ ni mí. Ohun tí mo ṣe kí ìyẹn má baà darí iṣẹ́ náà wà ní orí kẹta. Ìbéèrè tí mo lọ wá ìdáhùn sí nìyí: nígbà tí òwú ilé-iṣẹ́ rọ́pò òwú àfọwọ́ran, ṣé orúkọ àtijọ́ làwọn ahunṣọ ń pe òwú tuntun ni, àbí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mìíràn?"

Gbólóhùn ìparí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá parí rẹ̀ sí "ẹ ṣeun", á tún ní láti wá ọ̀nà wọnú iṣẹ́. Ẹni tó parí rẹ̀ sí ìbéèrè ti wọlé.

Ọmọ Olúyọ̀lé
Ẹ tún fi alága ṣáájú 😒

Àkàndé_Ahunrọ̀
Mo fi fóònù wọn án, ìṣẹ́jú kan ku díẹ̀. Mo dúpẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù: tí alága bá ní "a ti mọ̀ ọ́, tẹ̀ síwájú" kí n tó parí ńkọ́? Wọ́n ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi, ó dàrú, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkíni.

Àyọ̀ká_Lẹ́tà
Fo oyè, fo ìlú. Má fo àkòrí, torí òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jókòó. Kà á, kó o bọ́ sórí ìbéèrè rẹ.

Àdùkẹ́
Orúkọ, àkòrí. Kí ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan?

Bàbá Píjì
O ní kó jókòó.