Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: pírọ́jẹ́ẹ̀tì lórí òwe l'Ógbómọ̀ṣọ́

ỌmọAjílété: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fi òwe àwọn àgbà wé ti àwọn ọ̀dọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní ó ti fẹ̀ jù. Báwo ni kí n ṣe gé e kù?

Bàbá Olùkọ́: Mú òwe 15 péré, kó o sì dúró sí àdúgbò kan, bíi Tákíẹ̀. Wá èèyàn 10 tí ò tíì pé ọdún 25, àti 10 tó ti lé ní 60. Má bi wọ́n pé “ṣé ẹ mọ òwe yìí?” torí gbogbo wọn ló máa ní àwọ́n mọ̀ ọ́n. Sọ ìdajì, kí wọ́n parí ẹ̀, kí fóònù máa gbà á sílẹ̀.

Nígbà tèmi, mo ní “Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta…” Ọmọkùnrin kan ní “á kúkú ra ti inú ìgò,” ó bú sẹ́rìn-ín. Èkejì ní “kì í wo ẹnu àpáta,” kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ti àkọ́kọ́ sọ “kì í wo ẹnu àáké” wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀; eré ló ń fi òwe ṣe. Èkejì ò gbọ́ àáké rí, síbẹ̀ ó sọ ìgbà tí wọ́n ń pa á, kò ṣì í. Má kó irú àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣọlá: Ẹni tí ò bá lè parí òwe, kọ ọ́ sí ẹni tó ti gbàgbé. Ó tán.

Bàbá Olùkọ́: Fún ọmọdé, ó ṣeé ṣe. Àgbà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró láàárín ni. Ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí? Dúró díẹ̀, kó o wá ní “ẹ parí ẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.” Má sì jókòó ti ọ̀dọ́ níbi tí bàbá ẹ̀ wà. “Tótó, ó ṣe bí òwe” nìkan lo máa gbọ́, á panu mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni kó o ṣe, ọmọ mi. Èmi tú oríkì wa, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo pe ọkà ní àgbàdo! Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí: àmàlà ni ọkà yẹn. Ó wá yé mi pé oúnjẹ líle ló ṣáájú ẹ̀kọ. Odidi ojú ìwé ni mo tún kọ.

ỌmọAjílété: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ti oyin inú ìgò yẹn ńkọ́, ṣé òwe ni kí n pè é?

Bàbá Olùkọ́: Rárá o. Àwàdà ni.

Ṣọlá: Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn mẹ́ta ní gáréèjì, wọ́n sì fi yanjú ọ̀rọ̀. Kí la wá fẹ́ pè é?