Àbọ̀ lórí àwòrán igbá fínfín: ó ti yanjú

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń fi Automatic1111 ya àwòrán igbá fínfín tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà l'Ọ́yọ̀ọ́. Èrò ọjà bò ó. Mo kọ `[crowd:0.7]` kí wọ́n lè dínkù, wọ́n wá di àbàwọ́n lára igbá."

Ẹ ṣeun o. Bọ̀dá tó ní kí n wo irú àkámọ́ tí mo lò ló mọ ìdí ọ̀rọ̀. Àkámọ́ onígun tó bá ní nọ́ńbà nínú kì í dín nǹkan kù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà máa wọlé ló ń sọ. Ìgbésẹ̀ 30 ni mo lò, nítorí náà lẹ́yìn ìkọkànlélógún ni èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, nígbà tí igbá ti jókòó tán. Àkámọ́ roboto ló ń gba ìwọ̀n:

```
(carved calabash:1.3), market stall, (crowd:0.7)
```

Mi ò yí `Seed` padà, kí n lè mọ̀ pé ìwọ̀n ló ṣiṣẹ́. Èèyàn méjì péré ló kù lẹ́yìn.

Ẹni tó ní kí n fi àkámọ́ mẹ́ta yí igbá ká gbìyànjú, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ìwọ̀n di ìlọ́po 1.1, àmọ́ ìyẹn ò dín èrò kù. Nígbà tí mo gbé igbá dé 1.6, àwọ̀ rẹ̀ gbóná jù, ọnà rẹ̀ sì wọ́ pọ̀.

Àǹtí tó ń lo Midjourney, `::` ni tiyín. Èyí ò ní bá a mu.

Ọnà ara igbá ò tíì jọ ti Ọ́yọ̀ọ́. Ìwọ̀n ò ràn án.