Ìṣẹ́tí tẹlifíṣàn: àsanpadà ni àbí ìbòmọ́lẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ifẹ̀: Ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ ìwé ìlànà fún ògiri tẹlifíṣàn mẹ́rin tí a so pọ̀. Ètò kan wà nínú kọntirólà, ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán kan fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń ro ti etí ike tó yí ojú tẹlifíṣàn kọ̀ọ̀kan ká. Kí ni ká pe ètò náà, `Bezel Compensation`, ní Yorùbá?

Olùkọ́ èdè, Iléṣà: Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, àsanpadà ni, bí èyí tí ilé ẹjọ́ ń ní kí wọ́n san. Ẹ kọ "àsanpadà etí."

Onítẹlifíṣàn, Lágere: Ta ló ṣẹ ta, sà? Mo so mẹ́rin fún ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ibi tó ń tàn lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 1,018, àmì-iná 1,920 ló sì tò síbẹ̀, ìyẹn ni pé àmì-iná kan kò ju mílímítà 0.53 lọ. Mo fi rúlà wọn láti ibi tí iná parí sí lápá òsì dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, kì í ṣe ike nìkan: mílímítà 16. Àmì-iná 30 nìyẹn. Kọntirólà á kàn ṣe bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn ike ni, kò ní tàn wọ́n. Bí ewúrẹ́ bá ń kọjá lẹ́yìn férèsé, igi àárín á bo díẹ̀ lára rẹ̀, ewúrẹ́ ò ní tìtorí ẹ̀ gùn sí i. Ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Ìyá Télọ̀: Ìṣẹ́tí là ń pe etí aṣọ, ó sàn ju etí lásán. Ìlà dúdú kan wà láàárín tẹlifíṣàn tèmi náà, ṣé kọntirólà á mú un kúrò?

Onítẹlifíṣàn: Rárá, mọ́mì. Tiyín jẹ́ ẹyọ kan, inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Àmọ́ mo gba ìṣẹ́tí.

Olùkọ́ èdè: Ìbòmọ́lẹ̀ ń rùn bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. "Ìfàyègba ìṣẹ́tí" ńkọ́?

Onítẹlifíṣàn: Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ pé nǹkan máa sọnù. Kọntirólà tiwa ń béèrè iye ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 15 síbí, 15 sọ́hùn-ún. Èmi fi 30 sí méjèèjì. Mo wá fa ìlà kan tó ń gòkè láti òsì lọ sọ́tùn-ún: apá ọ̀tún ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní iye náà kéré ni, ìsàlẹ̀ ni ì bá wà. Mo tún un ṣe, ìlà tọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ orin sójú tẹlifíṣàn, ìlà kan nínú rẹ̀ bọ́ sáàárín òkè àtìsàlẹ̀, orí àwọn lẹ́tà wà, ẹsẹ̀ wọn wà, ikùn ò sí. Wọ́n ní mo bà á jẹ́! Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kúrò lójú oríkèé yẹn, tàbí kí n pa ìbòmọ́lẹ̀ náà nígbà tí orin bá wà lójú tẹlifíṣàn.

Akẹ́kọ̀ọ́: Màá kọ "ìbòmọ́lẹ̀ ìṣẹ́tí."

Olùkọ́ èdè: Èmi ò tíì gbà o.