Báwo ni a ṣe lè fi ìfojúdíwọ̀n olóṣù mẹ́ta rọ́pò ètò ìṣúná ọdọọdún?

Olùṣírò Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ti ń bójú tó ìṣirò owó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ láìpẹ́ sí i, ètò ìṣúná tí a bá ṣe ní oṣù Kejìlá kì í bá ọjà mu mọ́ kí ó tó di oṣù Kẹrin. Ọ̀gá wa fẹ́ kí a máa díwọ̀n oṣù méjìlá tó wà níwájú, kí a sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ ló ń kọ mí lóminú: bí iye bá ń yí léraléra, báwo ni a ó ṣe mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èyí tó tuntun jù nìkan ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ pa àwọn ti àtẹ̀yìnwá rẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà máa lo iye tó ti kọjá.

Alágbà Onísirò: Òótọ́ ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má pa èyí tó ṣáájú rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí i mọ́ orúkọ fáìlì náà, kí ẹ sì tì í pa. Bí oṣù mẹ́ta kan bá parí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tuntun, ẹ fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún ìparí, kí ó lè jẹ́ pé abala mẹ́rin ni yóò máa wà níwájú yín nígbà gbogbo.

Ní ti ìdí, ẹ jẹ́ ká wo fúláwà. Ká ní ẹ ti díwọ̀n 1,200 àpò ní ₦50,000, tó jẹ́ ₦60,000,000, tí ẹ wá yí i sí 1,100 àpò ní ₦56,000, tó jẹ́ ₦61,600,000. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé owó fúláwà fi ₦1,600,000 lé sí i, ẹni tó bá kà á yóò rò pé nǹkan kékeré ló ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀wọ́n ọjà ti fi ₦6,600,000 kún un, àpò 100 tó dín ló yọ ₦5,000,000 kúrò. Ẹ kọ méjèèjì sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ so ìwé iye owó tí onífúláwà fún yín mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí fúláwà bá wá dín, tí iye búrẹ́dì tí ẹ fẹ́ tà kò yí, a jẹ́ pé ẹnì kan tún apá kan ṣe, ó gbàgbé èkejì.

Ìyá Alájẹṣẹ́kù: Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ìpàdé ọdọọdún ló ń fọwọ́ sí ìnáwó. Ṣé àwa náà lè pa tiwa tì?

Alágbà Onísirò: Tiyín yàtọ̀, mà. Àṣẹ ìnáwó ni ìpàdé yẹn ń fún yín, ìfojúdíwọ̀n kì í sì í fúnni láṣẹ. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà.

Olùṣírò Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, sà. Lóòótọ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń díwọ̀n ohun tí a ó rà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń díwọ̀n ohun tí a ó tà. Ṣùgbọ́n iye inú ètò ọdọọdún ni a fi ń ṣírò owó ìmóríyá àwọn tó ń ta ọjà. Kí ni a ó lò báyìí?

Alágbà Onísirò: Ẹ má lo ìfojúdíwọ̀n yìí o. Wọn yóò máa kọ iye tó kéré sílẹ̀ kí wọ́n lè tètè kọjá rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Iye tí a tà lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń lò níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àmọ́ ọ̀wọ́n ọjà nìkan ti tó láti mú kí gbogbo wa yege. Bóyá iye búrẹ́dì ló yẹ kí ẹ kà, kì í ṣe náírà.

Olùṣírò Ìbàdàn: Títóbi búrẹ́dì wa náà máa ń yí padà nígbà tí fúláwà bá wọ́n. N ó bá ọ̀gá sọ ọ́ ná.