Ẹ bá mi wo ìwé tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ géètì: iná ọgbà tó ń tan ara rẹ̀

Ọmọ Onílé
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé bàbá mi ní Ìbàdàn ni mò ń bójú tó, ìdílé mẹ́fà ló ń gbébẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a yọ àwọn gílóòbù àtijọ́ tó wà níta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rántí ló ń tàn wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rántí pa wọ́n. Iná mẹ́rin tuntun la fi rọ́pò wọn. Mẹ́ta ní fótósẹ́ẹ̀lì, ojú kékeré tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí bó bá mọ́. Ìkẹrin, tó wà lẹ́yìnkùlé lójú ọ̀nà ẹ̀rọ omi, ní sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ń kọjá. Láti ìgbà náà fóònù mi ò sinmi. Ẹni kan ní iná ń tàn lọ́sàn-án, òmíràn ní ó ń ṣẹ́jú. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó kí n tó lọ tẹ̀ ẹ́:

*Sí gbogbo ayálégbé wa. Ẹ kú ilé o. Iná ọgbà wa ti ń tan ara rẹ̀ báyìí. Iná 1 wà ní géètì, 2 níwájú ilé, 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, 4 lẹ́yìnkùlé. A ti kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sára ògiri lábẹ́ iná rẹ̀. 1, 2 àti 3 á máa tàn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á kú bí ilẹ̀ bá mọ́. 4 á tàn bí èèyàn bá kọjá, á sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tí kò bá sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀kan ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pe kiatékà.*

Kí ni mo gbàgbé?

Ṣadé Ayálégbé
Ẹ̀yin onílé náà! Ṣé owó iná yìí tún fẹ́ já lé wa lórí ni? Ọdún tó kọjá, onílé tèmi gbé iná síta, ó so ó mọ́ mítà mi, kò sọ fún mi. Kádì tí mò ń rà ń tètè tán, mo rò pé fíríìjì ló ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Onílé
Àǹtí mi, ẹ má bínú, n ò tíì dé ìdí owó. Àwọn iná yìí ní mítà tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi.

Oníná Mọ́kọ́lá
Ìwé náà dáa, àmọ́ ohun tó ń mú kí fóònù yín máa dún ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ní iná ń tàn lọ́sàn-án, ẹ bi í pé ṣé NẸ́PÀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni. Bí iná bá ti dé, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí á kọ́kọ́ tan gílóòbù fún bí ìṣẹ́jú kan, kó tó ríran dáadáa, kó sì pa á. Àwọn ọmọdé á máa pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", iná ọgbà náà á tàn, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí iná bá dé lọ́sàn-án, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n pè.

Alhaji Gáréèjì
Èmi kì í pe oníná. Súwíìṣì ni mò ń pa, màá tún tan án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, orí rẹ̀ á pé.

Oníná Mọ́kọ́lá
Alhaji, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, pípa súwíìṣì máa ń tún àwọn kan ṣe. Àmọ́ àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìpa-tàn lẹ́ẹ̀mejì kíákíá yẹn gan-an ni àṣẹ pé kí wọ́n máa tàn láìkú. Ẹ ó ṣe é tán, iná á wà lójú títí di ọ̀la. Ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó tan án. Nínú ilé ìdílé mẹ́fà, ó sàn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án rárá, àfi kiatékà.

Ìyá Ìbejì
Tèmi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ kì í dé ààjìn kó tó kú lásìkò ọyẹ́. Eruku ló bo ojú sólà. A fi aṣọ tútù nù ún, ó sì padà. Ẹ nu tiyín náà.

Ọmọ Onílé
Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì, tiwa kì í ṣe ti sólà. Oníná, ẹ̀gbọ́n mi, ti Iná 3 ló ń dà mí láàmú. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, láti alẹ́ di òwúrọ̀. 1 àti 2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà la ra gbogbo wọn.

Oníná Mọ́kọ́lá
Ògiri wo ló dojú kọ ọ́?

Ọmọ Onílé
Fẹ́ńsì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní funfun ni.

Oníná Mọ́kọ́lá
Ẹ ti dáhùn ara yín. Iná tàn, funfun yẹn dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú fótósẹ́ẹ̀lì, fótósẹ́ẹ̀lì rò pé ilẹ̀ mọ́, ó pa á. Òkùnkùn dé, ó tún tàn án. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní kí ẹ tó náwó: ẹ mú páálí, kí ẹnì kan fi dí àárín gílóòbù àti fótósẹ́ẹ̀lì, kó má fi kan gílóòbù o, ó gbóná. Tó bá dúró láìṣẹ́jú, kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníná pa bírékà, kó yí ojú fótósẹ́ẹ̀lì sí ojú ọ̀run, kúrò lọ́dọ̀ fẹ́ńsì.

Ẹ fi kún ìwé yín pé kí ẹni tó bá pè má kàn sọ pé "iná ò ṣiṣẹ́." Kó sọ nọ́ńbà iná, aago tó rí i, bóyá iná NẸ́PÀ wà nínú ilé tiẹ̀ nígbà náà, àti ohun tó ń ṣe: ṣé kò tàn rárá, ó ń ṣẹ́jú, àbí kì í kú. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú pọ̀, kì í ṣe gílóòbù, mítà tàbí bírékà ni kí kiatékà kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń ta pàrà, tó ń rùn bí ike tó ń jóná, tàbí tí ògiri abẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n èèyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn òjò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wásáàpù. Kí wọ́n jìnnà sí i, kí wọ́n pe fóònù lójú ẹsẹ̀, kí kiatékà pa bírékà ọgbà.

Ṣadé Ayálégbé
Ẹ dákun, ẹ sọ ti owó. Tí mítà náà bá tán ńkọ́?

Ọmọ Onílé
Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá ni mẹ́ta tó ń tàn mọ́jú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 30. Tí NẸ́PÀ ò bá mú iná lọ rárá, wákàtí 12 lálẹ́ ni, kò tó ìdajì yúnìtì. Lóṣù, bíi yúnìtì 11. Ìkẹrin ò tó nǹkan. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní àwọn ò lè san dọ́gba pẹ̀lú ilé ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ìyá Ìbejì
Ewúrẹ́ ńkọ́? Ti àbúrò mi ń tàn fún ewúrẹ́ ní gbogbo òru.

Oníná Mọ́kọ́lá
Á tàn. Ara gbígbóná tó ń rìn ni sẹ́ńsọ̀ ń wò, kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí olè. Wọ́n lè dín agbára rẹ̀ kù, àmọ́ wọ́n tún lè dín in débi tí kò ní rí ọmọ kékeré tó lọ pọn omi.

Ọmọ Onílé *(lọ́jọ́ kejì)*
Páálí ṣiṣẹ́! Iná 3 ò ṣẹ́jú mọ́, oníná wa ti yí ojú rẹ̀. Mo ti tún ìwé kọ. Àmọ́ ẹ wò ó, Iná 4 ń tàn bàìbàì, bí iná àtùpà tó fẹ́ kú, nígbà tó yẹ kó kú pátápátá.

Oníná Mọ́kọ́lá
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gílóòbù yẹn. Ó lè jẹ́ pé wáyà níútírà ni sẹ́ńsọ̀ ń gé dípò láìfù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, iná sì wà lára ihò rẹ̀ bó tilẹ̀ dà bíi pé ó kú. Ó tún lè jẹ́ ti gílóòbù lásán, àwọn kan wà bẹ́ẹ̀. Kí oníná fi tẹ́sítà wò ó.

Ọmọ Onílé
Mo ti pè é. Ó ní ọ̀la. Mo ti ní kí kiatékà pa bírékà rẹ̀ ná, kó gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ omi.