Ìgbàmú, ìgbámú àbí ààlè?

Ìbéèrè láti Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń dáhùn lẹ́tà nínú àpótí ímeèlì kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí lèèyàn méjì ti dá lẹ́tà kan náà lóhùn. Mo fẹ́ máa lẹ lébẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ "Ìgbàmú" mọ́ èyí tẹ́nì kan bá ti mú. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dáa?

Ọmọ Ìkòròdú: Kò dáa rárá. "Gbá mú" ni, ohùn òkè ló wà lórí gbá. Tẹ́ ẹ bá pè é ní "gbà", ẹ ti sọ ọ́ di gbígba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Kó tiẹ̀ wá jẹ́ "ìgbámú" pàápàá, olè là ń gbá mú, kì í ṣe lẹ́tà. Lójú tèmi, lébẹ́ẹ̀lì ò pọn dandan. Lẹ́tà tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí máa ń dúdú ju ìyókù lọ. Bẹ́nì kan bá ṣí i báyìí, dúdú yẹn á lọ. Àmì wo lẹ tún ń wá?

Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́: Ọmọ Ìkòròdú, o jàre lórí ohùn, àmọ́ ṣíṣí kì í ṣe mímú. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ẹja yíyan là ń tà. Oníbàárà kan béèrè iye páálí kan. Mo ṣí lẹ́tà rẹ̀, mo lọ wo ìwé iye owó. N ò mọ̀ pé ẹnì kejì mi ti ṣí i ṣáájú mi, tóun náà ti ń kọ èsì. Mo kọ 21,500 náírà, òun kọ 18,000. Ẹ mọ èyí tí oníbàárà dì mú. Òmíràn wà tí ẹnì kan ṣí wò lásán tó fi í sílẹ̀. Dúdú rẹ̀ ti lọ lójú gbogbo wa, kálukú rò pé ẹnì kejì ń ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá ti wà nílé: ààlè. Bí ìyá mi àgbà bá ṣa igi ìdáná tí ẹrù sì ju orí rẹ̀ lọ, á ká ewé, á fi há abẹ́ okùn ìdì tó kù, á gbé ìyókù relé. Ẹni tó bá kọjá á mọ̀ pé igi yẹn ti lólúwa. Ẹ ṣe lébẹ́ẹ̀lì yín báyìí, kí kálukú ní èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀:

```
Ààlè/Àǹtí
Ààlè/Bọ̀ọ̀dá
Ìdúró
Ó parí
```

Ẹ má ṣí lẹ́tà kẹ́ ẹ tó pààlè. Ẹ tẹ àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì tó ní orúkọ yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá tún ojú ìwé náà ṣí. Bí orúkọ méjì bá wà níbẹ̀, ẹni tí a-b-d bá kọ́kọ́ dárúkọ ló ni ín, ẹnì kejì á yọ tirẹ̀.

Ìyá Àgbádárìgì: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìkarahun ìgbín àti àkísà ni mo mọ̀ sí ààlè, olè la sì fi ń dẹ́rù bà. Ṣé olè lẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni? Nínú gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ dáhùn á kàn kọ "èmi ni", ó tán.

Bàbá Olùkọ́: Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀. Inú gúrúùpù tiyín, gbogbo yín lẹ jọ ń rí "èmi ni". Tí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ímeèlì, oníbàárà ni yóò rí i. Ní ti èpè, ẹni tó fi ààlè sílẹ̀ ló ń fi èpè kún un. Ewé ìyá mi àgbà ò ṣépè fẹ́nikẹ́ni.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, Bàbá. A ti fi ọjọ́ mẹ́fà lò ó, kò tíì sí èsì méjì. Wàhálà méjì ló kù. Bọ̀ọ̀dá pààlè, ó wá lọ sọ́jà Ayétòrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Oníbàárà kan náà tún kọ̀wé sórí èyí tá a ti lẹ "Ó parí" mọ́, kò sẹ́ni tó yà sí i.

Bàbá Olùkọ́: Ààlè tí ewé rẹ̀ gbẹ, ẹlòmíràn lè gbé igi náà. Wákàtí méjì ni tiwa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, ó lè jẹ́ pé ó ti kọ èsì dé ìdajì. Ní ti ìkejì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni lébẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ nínú Gmail, kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó bá tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà lẹ ti ń rí wọn. Ẹ máa wá èyí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án:

```
in:inbox has:nouserlabels
```

Gbogbo èyí tí kò tíì ní lébẹ́ẹ̀lì kankan á yọ, títí kan èsì tó wá lẹ́yìn "Ó parí".

Ìyá Àgbádárìgì: "Ìdúró" yẹn náà ńkọ́? Ta ló ń dúró de ta? Ọmọ iṣẹ́ mi á rò pé àwa la dá oníbàárà dúró.

Ẹni tó béèrè: Òótọ́ ni, Màmá. Mo ti yí i sí "À ń retí èsì wọn".

Ọmọ Ìkòròdú: Mo gbà fún Bàbá lórí ewé. Àmọ́ "àálè" ni bàbá mi ń pè é, ohùn òkè ló wà láàárín. Ẹ ò lè fi ohùn ìsàlẹ̀ méjì sí i torí pé Ẹ̀pẹ́ lẹ wà.

Bàbá Olùkọ́: Bàbá rẹ, ṣé igbó ló ti ṣagi rí ni?