Ẹ gbà mí, wọ́n so oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi pọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú

Ọmọ Aláṣọ: Ẹ̀yin ará ilé, inú ń bí mi o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí màmá mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oríṣi mẹ́ta, dókítà tuntun kan tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa lágbọ̀n ẹ̀ wá yí i sí ẹyọ kan, ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ẹsẹ̀ màmá wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì, tí wọ́n bá dìde òòyì á máa kọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbé fóònù. Ṣé ká padà sí ti àtijọ́?

Bàbá Ìbejì: Ẹ padà kíá. Agbára mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ara àgbàlagbà ò lè gbé e. Àbí kí wọ́n máa dá a sí méjì.

Àǹtí Oníkẹ́mísìtì: Ẹ má dá nǹkan kan sí méjì o. Ọmọ Aláṣọ, kí ló wà lára páálí, mélòó mélòó? Ṣé màmá ń mí dáadáa tí wọ́n bá sùn?

Ọmọ Aláṣọ: Wọ́n ń mí dáadáa. Màmá mi kì í gbàgbé oògùn o! Èyí tó ń mú wọn tọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fò lọ́jọ́ ọjà, torí ilé ìtọ̀ jìnnà sí ìsọ̀ wọn.

Àǹtí Oníkẹ́mísìtì: Ìdí tí wọ́n fi so ó pọ̀ nìyẹn, kò sí pé à ń ṣa èyí tó wù wá. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ru pọ̀. Ọ̀kan ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ìkejì ń dí ohun tó ń fún iṣan pa, ìkẹta ń kó iyọ̀ àti omi jáde. Tẹ́ ẹ bá sọ ìwọ̀n ọ̀kan di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á tún fi wálẹ̀ sí i, ìyọnu ẹ̀ ló máa pọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ lára oríṣi méjì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ṣadé Ọ̀yọ́: Àbúrò mi tó ní ikọ́ ife, mẹ́rin ló wà nínú ẹyọ kan tiẹ̀, síbẹ̀ ẹyọ mẹ́ta ló ń gbé mì láràárọ̀, torí bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ dúpẹ́.

Ọmọ Aláṣọ: Mo ti rí páálí. Amílódípìn mílígíráàmù 5, fasatáànì 160, ìkẹta 12.5. Àmọ́ mo rí ike àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, amílódípìn 10. Màmá ní ó ṣì kù rẹpẹtẹ, àwọn ò lè da owó nù, àwọn ń lò ó lálaalẹ́.

Àǹtí Oníkẹ́mísìtì: Ẹ̀n-ẹ́n! 10 àti 5 ti di 15, 10 sì ni òpin ẹ̀ lóòjọ́. Òun gan-an ló sábà máa ń wú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má lo ti inú ike àtijọ́ lálẹ́ òní, kí wọ́n má sì fi tuntun sílẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìjókòó, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n tí wọ́n bá dìde, kẹ́ ẹ kó oògùn méjèèjì lọ bá dókítà lọ́la. Ẹsẹ̀ ò ní rọ̀ lọ́jọ́ kan o. Tí wọ́n bá dákú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ṣé mi ò sọ pé ó pọ̀ jù?

Àǹtí Oníkẹ́mísìtì: Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́, Bàbá.

Ọmọ Aláṣọ: Owó ẹ̀ ńkọ́?

Àǹtí Oníkẹ́mísìtì: Ẹjọ́ yín tọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ẹ bi dókítà bóyá méjì lè wà nínú ẹyọ kan, kí ìkẹta dá wà, ìyẹn máa ń dínwó nígbà míì.

Ọmọ Aláṣọ: Màmá ní ta ló máa san owó àwọn tó kù nínú ike yẹn.